Pípa Á Rẹ́ Kì í Ṣe Ìdáríjì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí le díẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí i, pàápàá àwa tí wọ́n ń pè ní díákónì. Mo ní àwa ọmọ ìjọ ni a ń ran àwọn oníjìbìtì orí wasáàpù lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a bá wọn pín owó o. Ìdákẹ́jẹ́ wa ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ wa ní Òkè Ọya níbí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ṣì ń ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Arábìnrin kan wà láàrin wa. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ọdún kejì rèé tó ti ń wá iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀rọ̀ wọlé sórí wasáàpù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin. Nọ́ńbà akọ̀wé ni lóòótọ́, àwòrán akọ̀wé ló sì wà níbẹ̀. Akọ̀wé ní ilé-ìwòsàn kan tó jẹ́ ti àwọn onígbàgbọ́ ń wá àwọn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ìwé fún wọn, pé owó oṣù rẹ̀ dára, pé òun ti bá a fi orúkọ sílẹ̀, àmọ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ìwé orúkọ pa. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ wá wọlé sórí fóònù rẹ̀, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kíákíá, òun ni ilé-ìwòsàn yóò fi mọ̀ pé ènìyàn gidi ni. Nọ́ńbà náà wọlé, arábìnrin kọ ọ́ ránṣẹ́, ó tún ní "Ẹ ṣé gan-an, sà, Olúwa yóò san án fún yín." Kò tó ìṣẹ́jú méjì, wasáàpù ti lé e jáde lórí fóònù ara rẹ̀.

Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́sàn-án, ẹni tó jí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará lọ́kọ̀ọ̀kan. Áàpù báǹkì òun kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yìí, òun yóò dá a padà bí ilẹ̀ bá mọ́. Ènìyàn méjì fi owó ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tó ń se ẹ̀wà tà nítòsí gáréèjì. Owó ọjà rẹ̀ ni.

Títí dé ibẹ̀, ìtàn tí ẹ ti gbọ́ rí ni. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni èyí tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́bọ ni wọ́n ti jí nọ́ńbà akọ̀wé. Akọ̀wé mọ̀, ó sì dákẹ́, nítorí ojú ń tì í pé òun náà ló fi ọwọ́ ara òun kọ nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní ìpàdé àdúrà wà lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí a sì béèrè kiri, a rí ènìyàn mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé-ìwòsàn yẹn ti kàn kí ó tó kan arábìnrin wa. Àwọn mọ́kànlá yìí mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́. Ẹnì kan fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, ó pa á rẹ́. Ẹnì kan ní òun kò fẹ́ kó sínú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó pe akọ̀wé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kọ ìlà kan sínú gúrúùpù ìjọ.

Èmi gan-an wà nínú àwọn mọ́kànlá náà.

Nítorí náà, bí mo bá ń báni wí níhìn-ín, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èmi sùn lóru ọjọ́ Ẹtì yẹn o, àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé idán ni tàbí pé wọ́n "wọ inú fóònù" wa. Kò sẹ́ni tó wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Bí o bá ra fóònù tuntun, tí o fẹ́ gbé wasáàpù rẹ síbẹ̀, o ó tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ, wasáàpù yóò sì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí káàdì síìmù rẹ kí ó lè dá a lójú pé ọwọ́ rẹ ni síìmù náà wà. Ohun tí olè ṣe nìyẹn. Ó jókòó síbi tó wà, ó tẹ nọ́ńbà arábìnrin wa sórí fóònù tirẹ̀, wasáàpù sì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí arábìnrin, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni síìmù wà. Kìkì ohun tí olè nílò ni kí arábìnrin kà á fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ a máa kìlọ̀ pé kí a má fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìlà kejì nígbà tí wọ́n bá ti sọ fún un pé aago mẹ́jọ ni wọn yóò ti ìwé orúkọ pa?

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: kò sí iṣẹ́, kò sí ìpàdé àdúrà, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ìdìbò olórí ẹgbẹ́ tó lè nílò nọ́ńbà tí wasáàpù fi ránṣẹ́ sí ọ. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ ni. Bí o kò bá béèrè fún un, tí ó ṣàdédé wọlé, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń mi ilẹ̀kùn rẹ ní wákàtí yẹn gan-an. Pa ẹnu mọ́, má kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò ní lè wọlé.

Ohun kan wà nípa àwa tí a wà ní àjò tí àwọn oníjìbìtì mọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní ilé, bí ọmọ aládùúgbò bá nílò owó, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, o ó rí ojú rẹ̀. Àwa níbí, láti Kàdúná dé Jọ́ọ̀sì, láti Àbújá dé Port Harcourt, orí fóònù ni ẹbí ti ń béèrè owó ìsìnkú, orí fóònù ni ìyàwó pásítọ̀ ti ń béèrè owó àpèjọ, orí fóònù náà ni ẹni tó fẹ́ báni wá iṣẹ́ ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí ohun àjèjì nínú kí ẹni tí a kò rí láti oṣù mẹ́ta béèrè ₦40,000. Olè kò dá àṣà kankan sílẹ̀. Inú àṣà wa ló ti wọlé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó wà ní àjò kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ti gbàgbé ará òun.

Ẹ rántí Ísáákì nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 27. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ó wà nípò ẹni tí kò lè rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, bíi tiwa lórí fóònù. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí Jákọ́bù, wọn kì í sábà sọ pé Ísáákì fura. Ó gbọ́ ohùn, ohùn náà kì í ṣe ti Ésáù. Ó tilẹ̀ béèrè bí ẹran ṣe yá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìfura rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó: ọwọ́ ẹni tó fura sí náà ló fà mọ́ra láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ náà ní irun, aṣọ náà ń rùn bí aṣọ Ésáù, nítorí ẹni tó fẹ́ tàn án ló ṣètò gbogbo rẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni jáde lọ wo ibi tí Ésáù wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni opó wa ṣe. Ọmọ rẹ̀ tó bá a tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sọ fún un pé orúkọ tó yọ kì í ṣe orúkọ arábìnrin. Màmá fura. Ó wá kọ̀wé padà sí ẹni náà lórí wasáàpù pé orúkọ yìí ń kọ́? Olè ní àkáǹtì ẹni tí òun fẹ́ sanwó ọjà fún ni. Màmá gbà, ó fi owó ránṣẹ́. Ọwọ́ tó nírun ló tún dì mú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a má ṣe fi ibi tí ìfura ti wá ṣe ibi ìwádìí. Pe ẹni náà, kì í ṣe lórí wasáàpù, nítorí ìpè wasáàpù yóò bọ́ sọ́wọ́ olè. Pè é bí a ti ń pe fóònù láyé àtijọ́, pẹ̀lú owó ìpè, nítorí síìmù ṣì wà lọ́wọ́ onínǹkan. Ìpè ìṣẹ́jú kan ni ì bá dá ₦40,000 dúró. Bí ìpè kò bá wọlé, bi í léèrè ohun tí ẹ jọ sọ kẹ́yìn. Ẹni tó jí nọ́ńbà kì í rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá, orí fóònù onínǹkan ni ìyẹn wà. Gúrúùpù tí onínǹkan wà nínú wọn ló máa ń rí, àti nọ́ńbà gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí wa.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ṣe é yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, nọ́ńbà ni kò jọ. Wọn yóò gbé àwòrán pásítọ̀ sórí nọ́ńbà tuntun, wọn yóò ní fóònù òun àtijọ́ bàjẹ́, nọ́ńbà òun tuntun rèé. Èyí rọrùn láti mọ̀ bí o bá fi ọwọ́ kan orúkọ tó wà lókè, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò yọ. Pe nọ́ńbà àtijọ́ pásítọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e.

Ó tó kí n wá sórí ìjà mi gan-an. Nígbà tí mo sọ ní ìpàdé àwọn díákónì pé ó yẹ kí a máa fi ẹjọ́ àwọn nọ́ńbà yìí sùn, kí a sì máa kéde rẹ̀ nínú gúrúùpù, àwọn àgbà mi kan ta kò mí. Wọ́n ní ẹ̀san ti Olúwa ni. Mo gbà pé ti Olúwa ni, ṣùgbọ́n ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀san? Bí ejò bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń gbà, tí mo rí i, tí mo yà fún un, tí mo bá tèmi lọ, ṣé ìdáríjì ni mo ṣe fún ejò? Èmi ni mo dárí ji ejò, àwọn ọmọ ni ó máa bù jẹ. Ìdáríjì ohun tí wọ́n ṣe sí mi wà lọ́wọ́ mi. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe sí opó yẹn kò sí lọ́wọ́ mi láti dárí rẹ̀ jì.

Wọ́n tún mú Mátíù orí 18 wá, pé ẹni tó bá ṣẹ̀ wá, kí a lọ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, arákùnrin tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Olè yìí kò ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, kò sí kọ̀rọ̀ tí a ti lè bá a. Ẹni tí wọ́n sì jí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú má baà tì í, ojú tìtì yẹn gan-an ni olè fi ń ra àkókò. Láti ọjọ́bọ dé ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé fi dákẹ́. Ọjọ́ kan péré.

Pọ́ọ̀lù kò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ka ìwé kejì tó kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà. Ní orí kejì, ó kìlọ̀ fún wọn nípa lẹ́tà tí ó lè dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ òun ló ti wá. Nígbà tó sì di ìparí ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àmì tí yóò máa wà nínú lẹ́tà òun gbogbo nìyẹn. Ó sọ fún gbogbo ìjọ, nínú lẹ́tà tí wọn yóò kà sókè, pé ẹnì kan lè máa jẹ́ orúkọ mọ́ òun lára.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé àwa náà kì í ṣe aláìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ má gbé ìpè nọ́ńbà kan pé yóò pani, a ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́, láìbéèrè ibi tó ti wá. Èyí tó wọlé sórí fóònù tiwa, tí a fi ojú ara wa rí, òun ni a ń pa rẹ́.

Bí a ti ń fi ẹjọ́ sùn rèé, kò le. Kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù náà kí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tó kọ hàn, nítorí ìfisùn lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ, báǹkì àti ọlọ́pàá yóò sì béèrè fún un. Lẹ́yìn náà, ṣí ọ̀rọ̀ ẹni náà, fi ọwọ́ kan orúkọ tàbí nọ́ńbà tó wà lókè, yí i lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Wàá rí Block, wàá sì rí Report. Block nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀, ìwọ nìkan sì ni ìyẹn dáàbò bò. Report ni kí o tẹ̀. Yóò bi ọ́ bóyá kí òun tún dí i mọ́ ọ, o lè gbà. Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn nínú èyí tí ẹni náà kọ sí ọ yóò lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ wasáàpù pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Wọn kì í sọ fún un pé o fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé yóò bínú sí yín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni Report lè ṣe o. Kì í dá owó padà, kò sì dájú pé wọn yóò ti nọ́ńbà náà pa lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà bá sì jẹ́ ti ará ìjọ tí wọ́n jí, bí i ti akọ̀wé wa, ìfisùn lè mú kí wọ́n ti nọ́ńbà onínǹkan pa. Nítorí náà, ní irú èyí, onínǹkan ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ kéde nínú gúrúùpù, kí alábòójútó gúrúùpù sì yọ nọ́ńbà náà jáde ní kíá. Bí ẹ kò bá rí onínǹkan bá sọ̀rọ̀ kí alẹ́ tó lẹ́, èmi yóò tẹ Report. Ó sàn kí a ti nọ́ńbà kan pa, kí onínǹkan sì bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn, ju kí wọ́n fi ṣọdẹ àwọn ará lọ. Ẹni tó bá rò pé mo le jù, kí ó dá mi lóhùn.

Ẹni tí wọ́n jí nọ́ńbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó máa sunkún. Kí ó tún wasáàpù ṣí lórí fóònù rẹ̀, kí ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà tuntun yóò wọlé sórí síìmù rẹ̀. Ní kété tó bá tẹ̀ ẹ́, olè ti bọ́ sóde. Ṣùgbọ́n bí olè bá ti yára fi nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn láti inú, onínǹkan yóò dúró fún ọjọ́ méje kí ó tó lè lò ó. Bó ṣe rí fún arábìnrin wa nìyẹn. Ọjọ́ méje kò sí wasáàpù, àmọ́ olè náà kò lè lò ó mọ́.

Láti ti ilẹ̀kùn yẹn kí olè tó dé, lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Account, lẹ́yìn náà Two-step verification, kí o yan nọ́ńbà mẹ́fà tìrẹ tí ìwọ nìkan mọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ. Fi ímeèlì rẹ sí i, ọjọ́ tí o bá gbàgbé ni yóò wúlò. Láti ìgbà náà lọ, bí o bá tilẹ̀ ṣèèṣì fún ẹnì kan ní nọ́ńbà tó wọlé, yóò tún nílò èyí tó wà ní orí rẹ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n bá àwọn ìyá àti bàbá ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ fún ẹnì kan, àyàfi fún àwa tí a kò rántí ímeèlì wa.

Ní ti owó, báǹkì tí owó ti jáde ni kí a kọ́kọ́ pè, ní alẹ́ yẹn, kì í ṣe ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n lè bá báǹkì tó gbà á sọ̀rọ̀ kí wọ́n dí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì náà. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá tàbí EFCC, pẹ̀lú àwòrán ojú fóònù àti ìwé-ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2015 ka jíjẹ́ orúkọ ẹlòmíràn láti fi ṣe jìbìtì sí ọ̀ràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Màmá wa kò pe báǹkì àfi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Owó ti lọ.

Àwa mọ́kànlá ti jókòó, a ní àwa ni yóò dá owó màmá náà padà. ₦40,000 tí a bá pín in sí mọ́kànlá kò pé ₦4,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ti san. Ẹni kọkànlá ní òun kò rí ohun tí òun ṣe, pé òun kò sáà fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, òun kàn pa á rẹ́ ni. Òun gan-an ni mo ṣe kọ èyí.